Ìwé Owó Orí Dé: Níbo Ni Iye Tiwọn Ti Yà Kúrò Lára Tiwa?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá àwọn èèyàn yẹ ìwé owó orí wò, ohun kan náà ni mo sì máa ń rí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn. Bí ìwé bá ti dé láti iléeṣẹ́ owó orí, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ, níbi tí wọ́n kọ iye tí onítọ̀hún jẹ sí. Bí iye náà bá kéré, wọ́n á san án láìka ìyókù. Bó bá pọ̀, àyà á já, wọ́n á ká ìwé náà pa mọ́, kò sì ní jáde mọ́ títí ọjọ́ tí wọ́n lè fi ṣàtakò yóò fi kọjá. Bẹ́ẹ̀, iye ìsàlẹ̀ yẹn kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá ìwé náà tọ̀nà. Ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè ló parí síbẹ̀. Bí àṣìṣe bá wà, òkè ló ti wọlé. Iṣẹ́ wa lónìí ni láti wá ìlà náà gan-an tí iye tiwọn ti yà kúrò lára tiwa.

Kí á tó dé orí owó rárá, ohun mẹ́ta wà lókè ìwé tí mo máa ń fi bírò fa ìlà sí nídìí. Èkíní ni ọdún tí ìwé náà ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ìwé tó dé lọ́dún yìí lè jẹ́ ti owó tó wọlé lọ́dún méjì sẹ́yìn. Mo ti rí ẹni tó kó rìsíìtì ọdún kan lọ fi ja ìjà ọdún mìíràn. Gbogbo ohun tó sọ ló jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀.

Èkejì ni ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé náà, nítorí pé láti ibẹ̀ ni kíka ọjọ́ àtakò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọjọ́ tirẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 30 ọjọ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí wọ́n bá fi ìwé ránṣẹ́ sí pé owó orí rẹ̀ kò pé ní 90 ọjọ́ láti gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù owó orí, láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń kà á. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pẹ́ lọ́nà lè ti pàdánù ọ̀sẹ̀ kan kó tó ṣí i. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sábà máa ń sọ iye ọjọ́ yìí, lẹ́yìn ìwé tàbí ní ojú ewé tó kẹ́yìn, ní lẹ́tà wínníwínní.

Ẹ̀kẹta, tó sì ṣe pàtàkì jù lójú mi, ni irú ìwé tó jẹ́. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n gbé ka orí ohun tí ẹ fúnra yín kéde, tí wọ́n kàn ṣírò rẹ̀ padà fún yín. Òmíràn ni èyí tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n mú ohun tí ẹ kéde, tí wọ́n fi ohun tí wọ́n gbọ́ láti ibòmíràn kún un tàbí yọ nínú rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìfojúbù: ẹ kò kéde ohunkóhun, wọ́n wá fojú wọn iye tó yẹ kó ti wọlé fún yín. Ẹ lè fi ojú mọ ìfojúbù. Iye rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ odidi tó dán gbọnrangandan, bíi 5,000,000 láìsí ẹyọ kan lórí, kì í sì í sí ìnáwó kankan tí wọ́n yọ. Bó bá jẹ́ ìfojúbù ló dé, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí iye náà. Ohun tó máa ń yí i padà ni kí ẹ kéde iye tó wọlé gan-an pẹ̀lú ẹ̀rí rẹ̀, kí ọjọ́ tó kọjá. Mi ò ní pẹ́ lórí ìyẹn. Oríṣi kejì, èyí tí wọ́n tún ṣe, ni mo fẹ́ ká wọ inú rẹ̀, nítorí òun ló máa ń rú èèyàn lójú jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ kan fún yín. Ó ń gba owó oṣù nílé ẹ̀kọ́, ó sì tún máa ń túmọ̀ ìwé fún oníbàárà kan lẹ́yìn iṣẹ́. Mo ti sọ àwọn iye inú rẹ̀ di odidi kó lè rọrùn, mi ò sì dárúkọ owó orílẹ̀-èdè kankan. Àwọn ìpele owó orí tí mo máa lò náà, èmi ni mo tò wọ́n bẹ́ẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Ẹ máa fi ti ibi tí ẹ ń gbé rọ́pò rẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, wọn kì í gba nǹkan kan lórí 1,000,000 àkọ́kọ́. Lórí 1,000,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Lórí 2,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 20. Ohun tó bá lé sórí 4,000,000, ìdá 30.

Owó oṣù olùkọ́ yìí lọ́dún náà jẹ́ 2,400,000. Ilé ẹ̀kọ́ ti yọ owó orí 180,000 kúrò nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ìtumọ̀ mú 900,000 wọlé. Oníbàárà yọ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 45,000, ó fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ owó orí lórúkọ olùkọ́, ó sì san 855,000 tó kù sínú báńkì rẹ̀. Olùkọ́ ná 300,000 sórí iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Nítorí náà ó kéde 2,400,000 àti èrè 600,000, àpapọ̀ 3,000,000. Owó orí lórí ìyẹn jẹ́ 300,000. Wọ́n ti yọ 180,000 níbì kan àti 45,000 níbòmíràn. Ó kù 75,000, ó sì san án lọ́jọ́ tó fi ìwé ìkéde rẹ̀ sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ìwé dé pé ó jẹ 320,650.

Nígbà tó gbé e wá, mo ní kó lọ mú ẹ̀dà ìwé ìkéde rẹ̀ wá kí a tó sọ ohunkóhun. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà yìí lọ́wọ́ lè bèèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ owó orí. A tẹ́ ìwé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a sì bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń ní apá mẹ́ta, orúkọ yòówù kí wọ́n pè wọ́n. Apá àkọ́kọ́ ń sọ owó tó wọlé àti ohun tí wọ́n gbà kí a yọ nínú rẹ̀. Ìkejì ń ṣírò owó orí lórí ohun tó ṣẹ́ kù. Ìkẹta ń ka ohun tí a ti san, yálà àwa la san án tàbí ẹlòmíràn ló yọ ọ́ lórúkọ wa. Ohun tí mo fi àkókò mi rí ni pé apá àárín, níbi tí ìṣirò gidi wà, ló ṣọ̀wọ́n kó ṣì. Ẹ̀rọ ló ń ṣe é, ó sì mọ ìpele ju àwa lọ. Apá àkọ́kọ́ àti ìkẹta ni ẹ ó ti rí àṣìṣe, nítorí ẹlòmíràn ló kó ohun tó wà níbẹ̀ wọlé.

Lórí ìwé olùkọ́, owó oṣù jẹ́ 2,400,000, bákan náà pẹ̀lú tirẹ̀. A fi àmì sí i, a kọjá. Owó mìíràn tó wọlé: 1,755,000. Ìnáwó tí wọ́n yọ: òfo. Àpapọ̀: 4,155,000. Owó orí lórí ìyẹn: 546,500. Ohun tí wọ́n ti gbà: 180,000 láti ilé ẹ̀kọ́ àti 75,000 tí òun fúnra rẹ̀ san. Ó kù 291,500. Wọ́n wá fi owó ìtanràn ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé e, ìyẹn 29,150. Bí 320,650 ṣe jẹ́ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ké pé "irọ́ ni!" nìyí. Mo ní kí olùkọ́ má tíì bínú, kó kàn yọ 3,000,000 tirẹ̀ kúrò nínú 4,155,000 tiwọn. Ó kù 1,155,000. Iye yìí ló máa bá wa sọ̀rọ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá rí ìyàtọ̀ láàárín iye méjì, ẹ béèrè pé: ǹjẹ́ mo ti rí iye yìí rí? Ṣé ó bá owó kan tó wọlé fún mi mu, tàbí àròpọ̀ méjì nínú wọn?

A kọ́kọ́ dán ohun kan wò tí àwọn oníṣirò ti ń lò tipẹ́. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì pa nọ́ńbà méjì lójú dà, tó kọ 450,000 sí 540,000, ìyàtọ̀ wọn máa ń ṣeé fi 9 pín láìku nǹkan kan. Ẹ wo 90,000. Ọ̀nà kíákíá láti mọ̀ ni kí ẹ ro àwọn nọ́ńbà inú ìyàtọ̀ náà pọ̀ mọ́ ara wọn: bí 9 bá lè pín àròpọ̀ wọn, ó lè pín ìyàtọ̀ náà. Nínú 1,155,000, 1 àti 1 àti 5 àti 5 jẹ́ 12, 9 kò sì pín 12. Nítorí náà, nọ́ńbà pípa dà nìkan kọ́ ló fà á.

A tún wò ó. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Ó fi ọwọ́ kan ìwé báńkì rẹ̀, ó ní, "855,000 rèé. Bí mo bá yọ ọ́ nínú 1,155,000, ó ku 300,000, ìnáwó mi gan-an nìyẹn." Bẹ́ẹ̀ ló rí. Àṣìṣe méjì ló wà nínú ìyàtọ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sì gba ìnáwó rẹ̀.

Bí owó kan ṣe ń di méjì yẹ kó yé wa, nítorí ó wọ́pọ̀. Oníbàárà kọ̀wé sí iléeṣẹ́ owó orí pé òun san 900,000 fún olùkọ́ yìí, òun sì ti yọ 45,000 nínú rẹ̀. Báńkì náà fi ìròyìn ránṣẹ́ pé 855,000 wọlé sí àpò olùkọ́. Iye méjèèjì kò bára mu, nítorí náà ẹ̀rọ rò pé owó méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ó fi 900,000 kún 855,000, ó di 1,755,000. Ẹ ṣàkíyèsí pé ká ní oníbàárà kò yọ nǹkan kan ni, tí iye méjèèjì jẹ́ 900,000, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti rí i pé ọ̀kan náà ni. Owó tí wọ́n ti yọ nǹkan nínú rẹ̀ kó tó dé ọwọ́ wa ló yẹ kí á kọ́kọ́ wò bí a bá ń wá ìkàléẹ̀mejì.

Ní apá ìkẹta, nǹkan kan tún sọnù. 45,000 tí oníbàárà yọ kò sí níbẹ̀. Èyí dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìwé tí oníbàárà fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi mọ̀ pé 900,000 wọlé, wọ́n lo ìdajì rẹ̀ tó bù owó kún ọrùn olùkọ́, wọn kò lo ìdajì tó dín in kù.

Nígbà tí a bá ti mọ àṣìṣe, ìdánwò wà láti mọ̀ bóyá a ti rí gbogbo rẹ̀: ẹ tún un ṣe lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wo bóyá ẹ lè rìn láti iye tiwọn dé tiyín láìfo kòtò kankan. Yọ 855,000 kúrò nínú 4,155,000, ó di 3,300,000, owó orí sì di 360,000. Ó dín 186,500. Olùkọ́ béèrè pé ìdá 20 lórí 855,000 kì í ha ṣe 171,000? Ìbéèrè tó dára ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé 155,000 nínú owó náà ti gun orí 4,000,000, níbi tí ìdá 30 wà. Ìdá 30 lórí 155,000 jẹ́ 46,500, ìdá 20 lórí 700,000 tó kù jẹ́ 140,000. Ẹ rò wọ́n pọ̀, 186,500 ni. Owó tí wọ́n ṣèèṣì fi kún tiwa máa ń jókòó sórí ìpele tó ga jù, ìdí nìyẹn tí ìkàléẹ̀mejì fi máa ń dunni tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìnáwó. Níbí ni mo ti ní láti le díẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́. Mo ní kó tú rìsíìtì rẹ̀ sílẹ̀. A kà wọ́n, wọ́n jẹ́ 240,000. Fún 60,000 tó kù, kò ní ẹ̀rí kankan, ó kàn mọ̀ pé òun ná an. Ó lè jẹ́ òótọ́ pé ó ná an, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n lórí ìnáwó, ẹni tó ní òun ná owó ni ẹrù ẹ̀rí sábà máa ń wà lọ́rùn rẹ̀. Bí kò bá sí rìsíìtì, tí báńkì kò sì fi hàn, a jẹ́ pé ìwé wọn tọ̀nà lórí 60,000 yẹn, bó tilẹ̀ ṣì lórí ìyókù. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iye kan tọ́ gbọ́dọ̀ ṣe tán láti gbà bó bá tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Nítorí náà, èrè iṣẹ́ ìtumọ̀ di 660,000 dípò 600,000. Àpapọ̀ di 3,060,000. Owó orí lórí rẹ̀ jẹ́ 312,000. Ohun tí wọ́n ti gbà ni 180,000 àti 45,000 àti 75,000, ìyẹn 300,000. Ó ku 12,000. Owó ìtanràn máa ń tẹ̀ lé gbèsè, bí gbèsè bá dín, òun náà gbọ́dọ̀ dín. Ìdá 10 nínú 12,000 jẹ́ 1,200. Gbèsè olùkọ́ jẹ́ 13,200. Kì í ṣe 320,650 tí wọ́n kọ, kì í sì í ṣe òfo tó rò. Bí ìwé yín bá tún ní èlé lórí, ẹ yẹ ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á wò pẹ̀lú. Ọjọ́ tó yẹ kí a san owó ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀, owó tí a ti san kò sì yẹ kó ru èlé kankan lẹ́yìn ọjọ́ tó wọlé.

Ìwé àtakò tí a kọ kò ju ojú ewé kan lọ. A kò sọ pé iye wọn pọ̀ jù, a kò sì ròyìn ìyà. Ẹni tó máa kà á ní ìwé púpọ̀ níwájú, ìlà tó fẹ́ tún ṣe ló ń wá. A kọ nọ́ńbà ìwé náà, ọdún rẹ̀ àti nọ́ńbà owó orí olùkọ́. A wá sọ pé nínú 1,755,000, 855,000 jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú 900,000 lẹ́yìn tí wọ́n yọ 45,000, a sì so ìwé ẹ̀rí oníbàárà àti ojú ewé báńkì tó fi ọjọ́ náà hàn mọ́ ọn. A sọ pé ìnáwó jẹ́ 240,000, a so rìsíìtì mọ́ ọn. A sọ pé 45,000 kò sí lára ohun tí wọ́n gbà. A kọ iye tí a gbà pé a jẹ, 13,200, olùkọ́ sì san án lọ́jọ́ kan náà. Ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, pẹ̀lú ẹ̀rí ọjọ́ tí a fi ránṣẹ́.

Ohun kan wà tí ẹ ní láti bèèrè níbi tí ẹ wà. Ní àwọn ibì kan, bí a bá ti ṣàtakò, wọn kì í gba owó tí à ń jiyàn lé lórí títí ọ̀rọ̀ yóò fi parí. Níbòmíràn, wọ́n lè máa gbà á lọ, tàbí kí èlé máa gorí rẹ̀, àfi bí a bá kọ̀wé lọ́tọ̀ pé kí wọ́n dúró. Ẹ má ṣe rò pé àtakò nìkan ti dá ohun gbogbo dúró.

Ìwé tuntun padà dé. Owó tó wọlé ti di 3,060,000, owó orí 312,000. Inú olùkọ́ dùn, ó fẹ́ pa ìwé náà mọ́. Mo ní kó wo ìsàlẹ̀. Wọ́n ṣì ní ó jẹ 49,500 lẹ́yìn tí wọ́n ti ka 13,200 rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò bẹ̀rù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "45,000 àti ìdá 10 lórí rẹ̀." Ó pe oníbàárà rẹ̀, wọ́n jọ wo ìwé tó fi ránṣẹ́, wọ́n sì rí i pé ó ṣi nọ́ńbà owó orí olùkọ́ kọ nígbà tó ń san 45,000 náà, tó jẹ́ pé àpò ẹlòmíràn ni owó ọ̀hún wọ̀. Oníbàárà nìkan ló lè tún ìyẹn ṣe, nítorí òun ló san án. Ó kọ ìwé àtúnṣe lọ́jọ́ kejì, olùkọ́ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ kí ọjọ́ àtakò ìwé kejì yìí tó pé.